Ohun Tí Máníjà Báńkì Ń Wá Nínú Lẹ́tà Onígbèsè

Àánú kọ́ ni máníjà ń wá nínú lẹ́tà oníṣòwò tó ní kí báńkì bá òun fa àsìkò gbèsè gùn. Iye tó ń kù sọ́wọ́ rẹ̀ lóṣù, lẹ́yìn gbogbo ìnáwó, ló ń wá. Òun nìkan kọ́ ló sábà máa ń dá a pinnu. Ó máa gbé e lọ síwájú àwọn mìíràn tí wọn ò mọ oníbàárà náà lójú.

Ẹ jẹ́ ká fi ìyá kan tó ń ta ìrẹsì àti ẹ̀wà ní Bódìjà, n'Ìbàdàn, ṣe àpẹẹrẹ. Ó yá ₦1,200,000 fún oṣù 12. Ó ń dá ₦100,000 padà lóṣù nínú ojú owó, pẹ̀lú èlé náírà mẹ́ta lórí ọgọ́rùn-ún náírà tó bá ṣẹ́ kù. Ó ti san oṣù mẹ́fà láìyẹ̀. Ó ku ₦600,000, ₦118,000 ló sì yẹ kó san lóṣù tó ń bọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀wà ti gbówó lórí, ọjà ò yá mọ́.

Kó tó mú bírò, ìwé ọjà rẹ̀ ni kó ṣí. Ó ń ta ₦60,000 lójúmọ́, fún ọjọ́ 26 lóṣù. Lẹ́yìn tó bá yọ owó tó fi ra ọjà, èrè rẹ̀ jẹ́ ₦156,000. Owó ṣọ́ọ̀bù, alábàárù àti ọkọ̀ kó ₦36,000. Oúnjẹ ilé àti owó iléèwé kó ₦50,000. Ọ̀pọ̀ ló ń gbàgbé ti ilé yìí, máníjà kì í gbàgbé. ₦70,000 ló kù.

Kó má ṣèlérí gbogbo rẹ̀ o. Ohun tó yẹ kó kọ nìyí: “Ẹ̀yin ọ̀gá wa, mo bẹ̀bẹ̀ kí ẹ jẹ́ kí n san ₦600,000 tó kù ní oṣù 15, ₦40,000 lóṣù pẹ̀lú èlé rẹ̀. Ti oṣù àkọ́kọ́ yóò jẹ́ ₦58,000, yóò sì máa fi ₦1,200 dín kù lóṣooṣù.” Lóṣù àkọ́kọ́ tó le jù náà, ₦12,000 ṣì wà nílẹ̀ de ọjọ́ tí ọjà ò bá tà.

Ìrọ̀rùn yìí kì í ṣe ọ̀fẹ́. Ká ní ó san án tán ní oṣù mẹ́fà, èlé tó kù ì bá jẹ́ ₦63,000. Ní oṣù 15, ó di ₦144,000. Nítorí náà, kó béèrè nínú lẹ́tà kan náà pé bí ọjà bá yá, kí wọ́n gbà á láyè láti tètè san án tán láìsí owó ìtanràn.

Ohun tó máa ń ba irú lẹ́tà yìí jẹ́ ni kí ìwé ọjà sọ ọ̀tọ̀, kí àkáǹtì sọ ọ̀tọ̀. Bí owó ọjà bá ń gba àkáǹtì ọmọ tàbí ti oníPOS ẹ̀gbẹ́ ṣọ́ọ̀bù wọlé, báńkì ò rí i. Kó ṣàlàyé rẹ̀, kó sì so rìsíìtì àwọn tó ń kó ọjà fún un mọ́ lẹ́tà.

Kó sì lọ kó tó jẹ oṣù kankan. Láti 2020, Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà ti fàyè gba báńkì tó yáni lówó láti fa gbèsè tó ti kọjá ọjọ́ yọ nínú àkáǹtì oníbàárà ní àwọn báńkì mìíràn, nípasẹ̀ BVN.

Bí wọ́n bá gbà, ẹ má fi ọ̀rọ̀ ẹnu lọ ilé. Ẹ gba àdéhùn tuntun lórí ìwé, kí ẹ ka iye oṣù àti èlé inú rẹ̀ kí ẹ tó fọwọ́ sí i.