Òfin gígùn nínú lẹ́mà pọ́ǹpù: ìdí tí èdè oníye-dídọ́gba kò fi jẹ́ régúlà

1. Ìfáàrà

Ẹ jẹ́ kí a fi L pe àkójọ gbogbo fọ́nrán tí a fi àmì méjì péré, 0 àti 1, hun, tí iye 0 inú wọn sì dọ́gba pẹ̀lú iye 1. Bí àpẹẹrẹ, 01, 1100 àti 0110 wà nínú L. 001 kò sí níbẹ̀. A kò wo bí àwọn àmì náà ṣe tẹ̀ lé ara wọn. Iye wọn nìkan ni a ń wò. Ohun tí a fẹ́ fi hàn ni pé L kì í ṣe èdè régúlà, ìyẹn ni pé kò sí ẹ̀rọ tí iye ipò rẹ̀ lópin tó lè gba gbogbo fọ́nrán L, kí ó sì kọ gbogbo àwọn yòókù.

Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ti mọ irú ẹ̀rí yìí fún èdè 0ⁿ1ⁿ, níbi tí gbogbo 0 ti gbọ́dọ̀ ṣáájú gbogbo 1. Bí a bá gbé ẹ̀rí náà wá síbí láìṣọ́ra, ó lè já sófo. A ó ṣàlàyé ìdí rẹ̀.

2. Ohun tí lẹ́mà náà sọ

Lẹ́mà yìí wà nínú iṣẹ́ tí Michael Rabin àti Dana Scott tẹ̀ jáde ní 1959. Bí èdè kan bá jẹ́ régúlà, nọ́ńbà p kan wà fún un, tó fi jẹ́ pé fọ́nrán s yòówù nínú èdè náà tí gígùn rẹ̀ tó p tàbí tó jù ú lọ ṣeé pín sí mẹ́ta, s = xyz, lábẹ́ òfin mẹ́ta:

(i) y kò ṣófo: |y| ≥ 1;
(ii) gígùn x àti y lápapọ̀ kò ju p lọ: |xy| ≤ p;
(iii) iye ìgbà yòówù tí a bá kọ y, títí kan kí a má kọ ọ́ rárá, fọ́nrán xyⁱz ṣì wà nínú èdè náà (i ≥ 0).

Ká ní ẹ̀rọ kan ní ipò p. Láti ìbẹ̀rẹ̀ títí tí yóò fi ka àmì p àkọ́kọ́ tán, ìdúró rẹ̀ jẹ́ p + 1. Nítorí náà, ipò kan wà tó dé ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ohun tó kà láàárín ìgbà méjèèjì ni y. Nítorí pé inú àmì p àkọ́kọ́ ni a ti rí àtúndé yìí, òfin (ii) dúró.

3. Ẹ̀rí

Ká gbà pé L jẹ́ régúlà. Nígbà náà, p kan wà fún un. A kò mọ iye rẹ̀, a kò sì lè yàn án. Àwa ni a ń yan s. Ẹ jẹ́ kí a yan s = 0ᵖ1ᵖ, tó wà nínú L, tí gígùn rẹ̀ sì jẹ́ 2p. Ìpín sí xyz kò sí lọ́wọ́ wa, nítorí náà a gbọ́dọ̀ borí gbogbo ìpín tí òfin gbà láàyè.

Nípa òfin (ii), xy kò kọjá àmì p àkọ́kọ́, 0 sì ni gbogbo wọn. Nítorí náà y = 0ᵏ, k ≥ 1. Bí a bá kọ y lẹ́ẹ̀mejì, a ó rí 0ᵖ⁺ᵏ1ᵖ: 0 ti fi k ju 1 lọ. Fọ́nrán yìí kò sí nínú L, èyí sì tako òfin (iii). L kì í ṣe régúlà.

Bí àpẹẹrẹ, bí p bá jẹ́ 4, s jẹ́ 00001111. Bí x bá jẹ́ 0, tí y sì jẹ́ 00, pípọ́ǹpù y lẹ́ẹ̀kan yóò fún wa ní 0000001111: 0 mẹ́fà, 1 mẹ́rin.

4. Bí a bá gbàgbé òfin (ii)

Fún 0ⁿ1ⁿ, a lè ṣe ẹ̀rí láìlo òfin (ii). Y lè jẹ́ 0 nìkan, 1 nìkan, tàbí kí ó ní méjèèjì. Nínú méjì àkọ́kọ́, iye yóò yàtọ̀. Nínú ẹ̀kẹta, 1 kan yóò ṣáájú 0 kan, ìtò yóò sì bàjẹ́.

Nínú L, ẹ̀kẹta yìí ni ẹ̀rí ti ń já. Ẹ mú 00001111 kan náà, kí y jẹ́ 01 tó wà láàárín gan-an. Bí a bá pọ́ǹpù rẹ̀, a ó rí 0000101111: 0 márùn-ún, 1 márùn-ún. Ìtò bàjẹ́, ṣùgbọ́n L kò bìkítà fún ìtò. Kódà, fọ́nrán yòówù nínú L tí kò ṣófo ní 01 tàbí 10 kan nínú, a sì lè pọ́ǹpù ìyẹn títí láé láìjáde kúrò nínú L. Èyí túmọ̀ sí pé láìsí òfin (ii), lẹ́mà náà kò lè sọ ohunkóhun lòdì sí L.

Yíyan s náà ṣe pàtàkì. Bí a bá yan s = (01)ᵖ, tí p sì jẹ́ 2 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ìpín kan wà tí x ṣófo, tí y sì jẹ́ 01. Kò rú òfin kankan, kò sì sí ìtakora. Kì í ṣe pé L di régúlà. Fọ́nrán tí a yàn ni kò ṣiṣẹ́.

5. Ìkádìí

Nínú ìwé rẹ̀ ti 1957, Syntactic Structures, Noam Chomsky lo irú èdè 0ⁿ1ⁿ, pẹ̀lú a àti b, láti fi ibi tí agbára ẹ̀rọ onípò-tó-lópin mọ hàn. Ẹni tó bá fẹ́ lo ọgbọ́n yìí fún èdè àdámọ́ni gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ bi ara rẹ̀ léèrè bóyá ìtò ni ìtakora rẹ̀ dúró lé, tàbí iye. Bí ó bá jẹ́ iye nìkan, òfin gígùn ni kó dì mú.