Wọ́n Ní Ẹ̀rọ Ló Kọ Ewì Rẹ̀

Ìwé tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí ọmọbìnrin náà kò ju ìlà mẹ́ta lọ. Wọ́n dúpẹ́ pé ó kópa nínú ìdíje àwọn. Wọ́n ní ẹ̀rọ ayẹ̀wò fún ewì rẹ̀ ní 87 nínú 100, tó fi hàn pé ọgbọ́n àtọwọ́dá ló kọ ọ́. Wọ́n ní ohun tí àwọn adájọ́ bá ti sọ, abẹ gé e.

Kí n tètè sọ ọ́: ọmọbìnrin yìí kì í ṣe ẹnìkan pàtó. Mo fi í ṣe àpẹẹrẹ ni, kí a lè rí bí irú ẹ̀sùn yìí ṣe ń bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí mo fẹ́ sọ nípa àwọn ẹ̀rọ ayẹ̀wò kì í ṣe àròsọ rárá.

Ewì náà dá lórí ìyá rẹ̀ àgbà, aláró kan ní Abẹ́òkúta. Gẹ̀ẹ́sì ni ìdíje náà gbà, Gẹ̀ẹ́sì ló sì fi kọ ọ́, àmọ́ ìlù Yorùbá ló ń dún lábẹ́ rẹ̀. Ẹsẹ mẹ́fà ni, ìlà mẹ́rin-mẹ́rin. Ọwọ́ ìyá àgbà ló bẹ̀rẹ̀ gbogbo ẹsẹ: ọwọ́ tó ro ẹ̀kọ láfún, ọwọ́ tó fi ìyẹ́ adìyẹ ya àwòrán sára aṣọ, ọwọ́ tó ki aṣọ bọ inú aró, ọwọ́ tó sá a, ọwọ́ tó ha ẹ̀kọ gbígbẹ kúrò, títí dé ọwọ́ tí aró kò kúrò ní èékánná rẹ̀ mọ́. Ẹni tó bá ti gbọ́ oríkì rí mọ ohun tí ọmọ náà ń ṣe. Ó gbé gbólóhùn kan kalẹ̀, ó ń tún un gbé, ọ̀rọ̀ kan péré ló ń pààrọ̀, kí etí olùgbọ́ lè máa retí ohun tó ń bọ̀.

Ìretí yẹn gan-an ló kó o sí wàhálà.

Ẹ̀rọ ayẹ̀wò kò mọ ẹni tó kọ nǹkan. Ohun tí púpọ̀ nínú wọn ń wò ni bí ó ṣe rọrùn tó láti mọ ọ̀rọ̀ tó máa tẹ̀lé èyí tó ṣáájú. Bí o bá kọ pé “mo jí ní òwúrọ̀, mo fọ”, ẹ̀rọ á ti máa retí “ẹnu” tàbí “eyín”. Bí o bá kọ “òkúta”, ìyẹn á yà á lẹ́nu. Ìwé tí kò bá fi bẹ́ẹ̀ ya ẹ̀rọ lẹ́nu ni wọ́n ń fura sí, nítorí pé ọ̀rọ̀ tó ṣeé ṣe jù ni ChatGPT àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sábà máa ń yàn. Àwọn kan tún ń wò bóyá gígùn gbólóhùn ń yí padà tàbí ó dọ́gba. Ẹ wá fi ewì ọmọ wa síwájú irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀. Tó bá ti ka ẹsẹ kìíní, márùn-ún yòókù kò jẹ́ àjèjì sí i mọ́. Àwọn ìlà náà sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Ohun tí àwa kà sí ọgbọ́n akéwì ni ẹ̀rọ kà sí àmì ẹ̀ṣẹ̀.

Gẹ̀ẹ́sì tí kì í ṣe èdè abínibí rẹ̀ tún dá kún un. Ní ọdún 2023, àwọn olùwádìí ní Yunifásítì Stanford kó àròkọ 91 jọ, èyí tí àwọn tí Gẹ̀ẹ́sì kì í ṣe èdè abínibí wọn kọ fún ìdánwò TOEFL. Wọ́n fi ẹ̀rọ ayẹ̀wò méje yẹ̀ wọ́n wò. Èèyàn ló kọ gbogbo wọn, síbẹ̀, tí a bá pín in dọ́gba láàárín àwọn ẹ̀rọ náà, ó lé ní 61 nínú 100 tí wọ́n pè ní iṣẹ́ ẹ̀rọ. Ibi tó pani lẹ́rìn-ín, tó sì dunni, ni pé nígbà tí àwọn olùwádìí ní kí ChatGPT bá wọn fi ọ̀rọ̀ tó jinlẹ̀ jù sínú àwọn àròkọ náà, iye tí wọ́n fẹ̀sùn kàn já wálẹ̀ sí bíi 12 nínú 100. Ẹni tó lo ẹ̀rọ bọ́, ẹni tí kò lò ó ni wọ́n mú.

OpenAI, ilé iṣẹ́ tó ṣe ChatGPT fúnra rẹ̀, gbé ẹ̀rọ ayẹ̀wò tirẹ̀ jáde ní oṣù kìíní ọdún 2023. Wọ́n sọ ọ́ lójú gbangba pé nínú 100 ìwé tí ẹ̀rọ kọ, 26 péré ló ń rí mú, àti pé nínú 100 tí èèyàn kọ, ó ń fẹ̀sùn èké kan 9. Wọ́n tún kìlọ̀ pé kò ṣeé gbára lé lórí ohun tí kò bá tó 1,000 lẹ́tà. Kó tó pé oṣù mẹ́fà, wọ́n ti fà á padà nítorí kò já mọ́ nǹkan. Ewì ọwọ́ ìyá àgbà yìí, ìlà 24 kéékèèké, kò tó 1,000 lẹ́tà.

Ẹ jẹ́ ká fi ìṣirò yẹn wo ìdíje kan. Ká ní ewì 400 ló wọlé, tí ẹ̀rọ sì kọ 20 nínú wọn. Ẹ̀rọ ayẹ̀wò á mú bíi 5 nínú 20 yẹn. Nínú 380 tí èèyàn fọwọ́ ara wọn kọ, á fẹ̀sùn kan bíi 34. Èèyàn 39 ni wọ́n máa yọ orúkọ wọn, 34 nínú wọn kò ṣẹ̀, nígbà tí 15 tó ṣẹ̀ lóòótọ́ ṣì jókòó sínú ìdíje. Àwọn ẹ̀rọ kan lónìí ń sọ pé ìṣìnà àwọn kò tó 1 nínú 100. Ká tiẹ̀ gbà bẹ́ẹ̀, èèyàn mẹ́ta tàbí mẹ́rin ṣì lè lọ sí i nínú 380. Irú ìṣirò yìí wà lára ohun tó mú kí Yunifásítì Vanderbilt ní Amẹ́ríkà pa ẹ̀rọ ayẹ̀wò Turnitin tì ní ọdún 2023: wọ́n wò ó pé 1 nínú 100 lórí ìwé 75,000 tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fi sílẹ̀ lọ́dún kan á jẹ́ 750.

Àwọn adájọ́ kan á ní àwọn kò nílò ẹ̀rọ, ojú àwọn tó. Ní ọdún 2024, àwọn olùwádìí ní Yunifásítì Pittsburgh gbé ewì àwọn akéwì ńlá, Shakespeare àti Walt Whitman lára wọn, pọ̀ mọ́ èyí tí ChatGPT kọ, wọ́n sì fi síwájú èèyàn tó lé ní 1,600. Nínú ìdáhùn 100, bíi 47 ló tọ̀nà. Ká ní wọ́n ju owó ẹyọ sókè ni, wọn ì bá ṣe dáadáa jù bẹ́ẹ̀ lọ. Lóòótọ́, òǹkàwé lásán ni wọ́n, wọn kì í ṣe ọ̀mọ̀ràn ewì. Ṣùgbọ́n ewì márùn-ún tí wọ́n fura sí jù lọ pé kì í ṣe èèyàn ló kọ ọ́, èèyàn ló kọ márààrún.

Kí ló yẹ kí wọ́n béèrè lọ́wọ́ ọmọ náà? Ìwé àjákọ rẹ̀ wà, ojú ewé tó ti kọ́kọ́ pe aró ní àwọ̀ ojú ọ̀run, tó fagi lé e, tó sì kọ àwọ̀ èékánná ìyá àgbà sókè rẹ̀. Google Docs tó tẹ̀ ẹ́ sí ní “Version history” tó ń fi ọjọ́ àti wákàtí àtúnṣe kọ̀ọ̀kan hàn. Àmọ́ ẹlẹ́tàn lè fọwọ́ da ewì ẹ̀rọ kọ sínú ìwé, tàbí kó tẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀, nítorí náà ẹ̀rí wọ̀nyí nìkan kò tó. Ọ̀rọ̀ ẹnu ló kù. Kí wọ́n pè é, kí wọ́n bi í pé kí ló dé tí ọwọ́ tó ha ẹ̀kọ fi wà ní ẹsẹ karùn-ún, tí kò sí ní ẹsẹ kẹta. Yóò sọ fún wọn pé ẹ̀kọ ni kì í jẹ́ kí aró mu ibi tí wọ́n ya àwòrán sí, àti pé bí wọ́n bá ha á kí aṣọ tó rì sínú aró, iṣẹ́ bàjẹ́ nìyẹn. Bí iṣẹ́ ṣe ń lọ lójú ìkòkò aró ni ewì náà ṣe ń lọ.

Ìbéèrè yẹn kò ní gbà ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ lórí fóònù, wọn kò sì bi í. Àwọn àgbà wa ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Èyí tiẹ̀ burú jù bẹ́ẹ̀, nítorí ẹ̀rọ ni wọ́n gbọ́ tẹnu rẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣètò ìdíje, ẹ kọ ọ́ sínú òfin yín kí ewì tó wọlé bóyá ẹ óò lo ẹ̀rọ ayẹ̀wò, ẹ má sì yọ orúkọ ẹnikẹ́ni kí ẹ tó gbọ́ tẹnu rẹ̀. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ akéwì, ẹ má ju ìwé àjákọ yín nù, bó ti wù kó rí jákujàku. Ìdíje tí kò bá ráyè fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá láti gbọ́ tẹnu akéwì kò yẹ lẹ́ni tó ń gba ewì lọ́wọ́ ọmọ ọlọ́mọ.