Ṣé O Mọ̀? Bí Ìwé Ìbéèrè Ṣe Ń Yí Ìdáhùn Padà

Ṣé o mọ̀ pé inú iṣẹ́ ìwádìí fún oyè dókítà ni àwọn àpótí "mo gbà, mi ò gbà" tí akẹ́kọ̀ọ́ ọdún àṣekágbá ń tò sínú ìwé ìbéèrè ti wá? Rensis Likert, ọmọ Amẹ́ríkà, ló gbé e jáde ní 1932 ní Yunifásítì Kòlúḿbíà ní Niu Yọ́ọ̀kì. (Líkàtì ni òun fúnra rẹ̀ ń pe orúkọ náà, kì í ṣe Láíkàtì tí ọ̀pọ̀ wa ń pè é.) Ìdáhùn márùn-ún ló tò, èyí tó wà láàárín sì jẹ́ ti ẹni tí kò tíì pinnu. Ní ọ̀pọ̀ ẹ̀ka ẹ̀kọ́ ní Nàìjíríà, wọ́n ti yọ ti àárín yẹn kúrò, ó ku mẹ́rin, kí ẹni tí wọ́n ń bi má baà rí ibi sá sí. Mi ò bá wọn jà, àmọ́ ó ní ohun tó ń fà.

Ẹ jẹ́ ká mú pírójẹ́ẹ̀tì kan bí àpẹẹrẹ. Akẹ́kọ̀ọ́ kan fẹ́ mọ bí àwọn ìyá ọlọ́jà ṣe fọkàn tán owó tíránsífà tó. Ìyá tí ẹnikẹ́ni kò fi tíránsífà sanwó fún rí kò ní èrò kan pàtó lórí rẹ̀. Bí o bá gbé àpótí mẹ́rin ka iwájú rẹ̀, yóò ṣáà mú ọ̀kan kí o lè máa lọ, kọ̀ǹpútà kò sì ní mọ̀ pé ṣe ló kàn mú un. Ohun tó ń dáàbò bo ìwádìí níbẹ̀ ni ìbéèrè kan ṣáájú: "Ṣé oníbàárà ti fi tíránsífà sanwó fún yín rí?" Ẹni tó bá ní rárá, kó fo apá yẹn kọjá.

Ṣé o mọ̀ pé gbólóhùn kan ṣoṣo kì í ṣe òṣùwọ̀n Likert? Àròpọ̀ ni òṣùwọ̀n náà. Ìyá kan ń bẹ̀rù ayédèrú àlátì, òmíràn ń bínú sí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì, ẹ̀kẹta ń ṣírò owó tí báńkì ń yọ. Gbólóhùn kan kò lè kó gbogbo wọn. Akẹ́kọ̀ọ́ wa kọ mẹ́fà, ó fún ìdáhùn kọ̀ọ̀kan ní 1 sí 4, ó sì ro wọ́n pọ̀: ẹni tí kò fọkàn tán tíránsífà rárá yóò ní 6, ẹni tó fọkàn tán an pátápátá yóò ní 24. Ewu tó wà níbẹ̀ ni kí a di ẹrù méjì pọ̀. "Tíránsífà yára, ó sì láàbò" dùn ún kà, ṣùgbọ́n ìyá tó gbà pé ó yára tí kò gbà pé ó láàbò, ibo ni yóò fàmì sí? Méjì ni gbólóhùn yẹn. Ya wọ́n.

Ṣé o mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ìṣe kan ṣoṣo lè yí èrò odindi orílẹ̀-èdè padà lórí ìwé? Ní 1941, Donald Rugg tẹ èsì ìbéèrè méjì jáde ní Amẹ́ríkà. Wọ́n bi àwọn kan bóyá ó yẹ kí orílẹ̀-èdè náà gba àwọn èèyàn láyè láti máa sọ̀rọ̀ ní gbangba lòdì sí ìjọba tiwa-n-tiwa. 62 nínú ọgọ́rùn-ún ní kò yẹ. Wọ́n bi àwọn mìíràn bóyá ó yẹ kí wọ́n fòfin de irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. 46 péré ló ní ó yẹ. Ẹni tí kò gbani láyè ti fòfin deni ná, àbí? Àmọ́ ọ̀rọ̀ òfin le létí ju àìgbà-láyè lọ, ọ̀pọ̀ èèyàn sì fà sẹ́yìn kúrò nídìí rẹ̀.

Èyí tó tún wá burú jù ni ti 1992. Ilé iṣẹ́ Roper bi àwọn ará Amẹ́ríkà bóyá ó ṣeé ṣe tàbí kò ṣeé ṣe lójú wọn pé pípa tí àwọn Násì pa àwọn Júù run kò ṣẹlẹ̀ rí. Tún un kà. Ẹni tó mọ̀ dájú pé ó ṣẹlẹ̀ gbọ́dọ̀ dáhùn pé kò ṣeé ṣe pé kò ṣẹlẹ̀. Nínú ọgọ́rùn-ún èèyàn, 22 ní ó ṣeé ṣe, ariwo sì ta. Ní 1994 wọ́n tún ìbéèrè náà kọ lọ́nà tó ṣe tààrà, nǹkan bí ẹnì kan nínú ọgọ́rùn-ún ló kù. "Kò" tó pàdé "kò" ló da gbogbo rẹ̀ rú.

Èdè wa náà ò gbẹ́yìn nínú irú ìdẹkùn bẹ́ẹ̀. Wo gbólóhùn tí akẹ́kọ̀ọ́ wa kọ́kọ́ kọ: "Mi kì í gbé ọjà fún oníbàárà bí mi ò bá tíì rí àlátì." Bí ìyá náà bá ní "mi ò gbà", ó ti di "kò" mẹ́ta. "Mo máa ń dúró kí àlátì wọlé kí n tó gbé ọjà sílẹ̀" sọ ohun kan náà, kò sì ní "kò" kankan nínú.

Ṣé o mọ̀ pé kì í ṣe nítorí kíka iye èèyàn la ṣe ń gbé ìwé ìbéèrè lọ fún ìdánwò àkọ́kọ́? Etí la gbé lọ síbẹ̀. Ọjà mìíràn tó jọ èyí tí o fẹ́ lò ni kí o mú un lọ, kí àwọn tó bá dáhùn má baà tún wà nínú iṣẹ́ gan-an. Ìyá mẹ́wàá sí ogún tó láti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń há. Lẹ́yìn ìdáhùn kọ̀ọ̀kan, béèrè pé: "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ gbọ́ pé mo bi yín?"

Wo ohun tí ìbéèrè kékeré yẹn lè hú jáde. Akẹ́kọ̀ọ́ ka gbólóhùn kìíní: "Mo fọkàn tán àlátì tó ń wọlé sórí fóònù mi." Ó wá béèrè pé, "Ṣé ẹ gbà, mà?" Ìyá aláta dáhùn kíá: "Ojoojúmọ́ ni mo ń gbà á, ọmọ mi." Ó kù díẹ̀ kí akẹ́kọ̀ọ́ fàmì sí "mo gbà gan-an". Owó tó ń wọlé ni ìyá ń sọ, kò tíì sọ nǹkan kan nípa ìfọkàntán. Níbi tí gbígba owó bá ti jẹ́ ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀, "mo gbà" kò lè jẹ́ àpótí ìdáhùn. Akẹ́kọ̀ọ́ yí àpótí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin padà sí "òótọ́ pátápátá ni", "òótọ́ ni", "kì í ṣe òótọ́" àti "kì í ṣe òótọ́ rárá". Ó sì kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ bí gbólóhùn ṣe wà tẹ́lẹ̀, ohun tí ìyá gbọ́, àti bí ó ṣe wà báyìí. Ojú ewé yẹn wúlò lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń bi í léèrè ọ̀rọ̀ lórí iṣẹ́ rẹ̀ ju àlàyé gígùn lọ.

Ṣé o mọ̀ pé ọmọlúàbí náà lè ba dátà jẹ́? Àgbà kan kì í fẹ́ já ọmọ tó kúnlẹ̀ kí i kulẹ̀, ẹlòmíràn sì fẹ́ kí o tètè lọ kí oníbàárà lè ráyè. "Òótọ́ ni, òótọ́ ni" ni yóò máa wí láti òkè dé ìsàlẹ̀. Nítorí èyí ni wọ́n ṣe ń yí ojú àwọn gbólóhùn kan padà. Nínú mẹ́fà ti akẹ́kọ̀ọ́ wa, ìkẹrin ní "Ẹ̀rù máa ń bà mí pé àlátì lè jẹ́ ayédèrú", ìkẹfà sì ní "Owó ọwọ́ dá mi lójú ju tíránsífà lọ". Ẹni tó fọkàn tán tíránsífà pátápátá tó sì ń bẹ̀rù pátápátá, kò gbọ́ ìbéèrè náà ni. Bí o bá rí 4 mẹ́fà lórí ìlà kan, sàmì sí i.

Kí o tó ro àròpọ̀, o gbọ́dọ̀ dá méjì yẹn padà sí ọ̀nà kan náà pẹ̀lú àwọn yòókù: yọ ìdáhùn kúrò nínú 5, kí 4 di 1, kí 3 di 2. Bí ó ṣe rí nínú SPSS nìyí:

```
MISSING VALUES q1 TO q6 (8, 9).
RECODE q4 q6 (1=4) (2=3) (3=2) (4=1) INTO q4r q6r.
EXECUTE.
```

Ẹni tó bá gbàgbé ìlà kejì yóò rí i lára álífà Cronbach, òṣùwọ̀n tí Lee Cronbach gbé jáde ní 1951 láti wo bí àwọn gbólóhùn ṣe ń bá ara wọn rìn. Ọ̀pọ̀ olùkọ́ ń wá 0.70. Bí tìrẹ bá já wálẹ̀ gidi, tàbí tó tilẹ̀ lọ sísàlẹ̀ òdo, má tíì da gbólóhùn kankan nù. Wo ibi tí wọ́n kọ `Corrected Item-Total Correlation` sí. Bí q4 àti q6 bá ní àmì ìyọkúrò níwájú, wọn kò tíì yí padà ni. Kí o sì mọ̀ pé bí gbólóhùn bá ṣe ń pọ̀ sí i ni álífà ń ga, nítorí náà ogún gbólóhùn tó jọra lè fún ọ ní nọ́ńbà tó wuyì láìwọn ohunkóhun tó ní láárí.

8 àti 9 tó wà lókè yẹn ńkọ́? Ṣé o mọ̀ pé àyè òfìfo ló ń ba Orí Kẹrin jẹ́ jù lọ? Ìwé kóòdù akẹ́kọ̀ọ́ wa, tó kọ kó tó tẹ ìwé ìbéèrè, sọ pé 8 ni ẹni tó fo apá náà nítorí kò gba tíránsífà rí, 9 sì ni ẹni tó yẹ kó dáhùn tí kò dáhùn. Ká ní ogún ìyá ló yẹ kó dáhùn gbólóhùn kan. Méjì mú 4, mẹ́fà mú 3, mẹ́fà mú 2, mẹ́rin mú 1, méjì kò dáhùn. Àròpọ̀ ìdáhùn 42 ni; pín in fún 18, ó di 2.33. Bí o kò bá sọ fún kọ̀ǹpútà pé 9 kì í ṣe ìdáhùn, yóò ro 18 mọ́ 42, yóò pín 60 fún 20, yóò sì fún ọ ní 3.00 láìfọhùn.

Ìyàtọ̀ yẹn kì í ṣe kékeré, nítorí ní ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ wa, 2.50 ni ààlà. Wọ́n ro 4, 3, 2 àti 1 pọ̀, wọ́n pín in fún 4, wọ́n sì ní ohun tó bá dé ibẹ̀ ni àwọn èèyàn gbà. Àyè òfìfo méjì ti sọ gbólóhùn tí wọ́n kọ̀ di èyí tí wọ́n gbà.

Ààlà yẹn fúnra rẹ̀ ní àléébù tirẹ̀. Bí ìyá mẹ́wàá bá mú 4 tí mẹ́wàá mú 1, ìpíndọ́gba wọn jẹ́ 2.50 géérégé. Ìwé yóò sọ pé àwọn ọlọ́jà fọkàn tán tíránsífà, nígbà tó jẹ́ pé ọjà ti pín sí méjì, kò sì sí ìyá kan tó dúró sí àárín. Nítorí náà, ìwọ tí o ń kọ Orí Kẹrin lọ́wọ́, kọ iye èèyàn tó wà lábẹ́ àpótí kọ̀ọ̀kan sí ẹ̀gbẹ́ ìpíndọ́gba, kódà bí ẹni tó ń bójú tó iṣẹ́ rẹ kò bá béèrè rẹ̀.