Nígbà Tí Ẹnu Ìsàlẹ̀ Àpòlùkù Ọmọ Jòjòló Bá Fún

Níbi tí àpòlùkù ti pàdé ìfun, iṣan kan wà tó yí ọ̀nà náà ká bí òrùka. Òun ló ń ṣí, tó sì ń pa dé, kí oúnjẹ lè máa sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Lára àwọn ọmọ kan, láàárín ọ̀sẹ̀ 2 sí 8 lẹ́yìn ìbí wọn, iṣan yìí á máa nípọn sí i, ihò àárín rẹ̀ á sì fún títí wàrà kò fi ní lè kọjá mọ́. Ọkùnrin ló ń ṣe jù, pàápàá àkọ́bí.

Ká mú ọmọkùnrin kan tó ń mu ọmú dáadáa títí ó fi pé ọ̀sẹ̀ 3. Ó kọ́kọ́ ń bì díẹ̀díẹ̀, bí ọmọ tuntun ṣe máa ń ṣe. Nígbà tó máa fi pé ọ̀sẹ̀ 4, gbogbo ohun tó bá mu ló ń tú jáde tagbáratagbára, tó ń fò kọjá itan ìyá rẹ̀ balẹ̀. Wàrà tó ti dì ni, kò ní àwọ̀ ewé nínú, nítorí ìsàlẹ̀ ibi tó fún ni òróòro ti ń wọlé. Bí èébì ọmọ bá ní àwọ̀ ewé, àrùn mìíràn ni, kò sì gbọdọ̀ pẹ́ kó tó dé ilé ìwòsàn. Bí ọmọkùnrin yìí bá ti bì tán, ọmú ló tún ń wá, ebi ń pa á. Láìpẹ́, ìtọ̀ rẹ̀ dín kù, àwújẹ̀ rẹ̀ wọnú, ó sì ń rù.

Dókítà á ní kí wọ́n fún un lọ́mú, á sì máa wo ikùn rẹ̀. Á rí i bí nǹkan ṣe ń rú lábẹ́ awọ láti òsì lọ sí ọ̀tún: àpòlùkù ló ń tiraka láti ti wàrà kọjá. Nígbà mìíràn, ọwọ́ á ba kókó líle kan tó tó ekùrọ́. Síkáànì ló máa ń fìdí rẹ̀ múlẹ̀, bí iṣan náà bá nípọn tó mílímítà 3 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ohun tó máa ń ya ẹbí lẹ́nu ni pé wọn kì í sáré gbé ọmọ náà lọ fún iṣẹ́ abẹ. Omi kíkan inú àti iyọ̀ ara ti bá èébì lọ, bí wọ́n bá sì kun ún lóorun bẹ́ẹ̀, èémí rẹ̀ lè dáwọ́ dúró. Omi oníyọ̀ ni wọ́n á kọ́kọ́ fà sí i lára, fún ọjọ́ kan tàbí méjì, títí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ á fi dára.

Conrad Ramstedt, oníṣẹ́ abẹ ará Jámánì, ló jẹ́ kí iṣẹ́ abẹ náà rọrùn. Ní 1911, ó la iṣan náà, ó fẹ́ rán an pa dà, òwú ń ya ẹran, ó bá fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ọmọ náà yè. Ní 1912, kò tiẹ̀ rán ti ọmọ kejì rárá. Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ń ṣe é títí dòní: wọ́n á la iṣan náà ní òòró, wọ́n á yà á sọ́tọ̀ títí awọ inú á fi yọ síta, láì fọwọ́ kan awọ náà. Bí abẹ bá lu ú, ewu ńlá ni, ìdí nìyẹn tí àwọn kan fi ń fẹ́ atẹ́gùn sínú àpòlùkù láti mọ̀ bóyá ó ń jò. Bí ó bá jò, wọ́n á rán an lójú ẹsẹ̀.

Láàárín wákàtí díẹ̀, ọmọ lè máa mu wàrà. Ó ṣì lè bì díẹ̀ fún ọjọ́ kan tàbí méjì, ìyẹn kò burú. Àrùn náà kì í sábà pa dà wá.