Ẹ Ka Kóńgò Kí Ẹ Tó Ka Náírà

Ní ọjọ́ 29, oṣù Karùn-ún, ọdún 2023, Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ti dópin. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, líta epo tí kò tó 200 náírà tẹ́lẹ̀ ti lé ní 480. Ní oṣù Kẹfà, ìjọba tún tú náírà sílẹ̀ kí ọjà máa sọ iye rẹ̀ fúnra rẹ̀. Ètò ìnáwó tí ọ̀pọ̀ ìdílé ti fọwọ́ sí láti oṣù Kíní kò bá ọjà mu mọ́.

Ohun tí ọ̀pọ̀ ń ṣe nírú àsìkò yìí ni pé wọn á mú ìwé àtijọ́ jáde, wọn á gé díẹ̀díẹ̀ lára gbogbo nǹkan. Kì í pẹ́ tó fi ń bàjẹ́, nítorí pé náírà ni wọ́n ń wò. Iye kóńgò tí ilé ń jẹ àti iye ìgbà tí ẹsẹ̀ ń wọ ọkọ̀ ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ kọ sílẹ̀. Bí ẹ bá ti mọ ìwọ̀nyẹn, ẹ óò mọ̀ bóyá ọjà ló wọ́n ni tàbí ilé ló ń jẹ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Bí kóńgò kò bá yí padà tí owó sì lọ sókè, ọjà ni. Bí kóńgò bá pọ̀ sí i, ẹ wò ó bóyá àlejò ni, bóyá àwọn ọmọ wà nílé fún ìsinmi.

Ẹ jẹ́ ká ṣe àpẹẹrẹ ìdílé ẹni márùn-ún kan n'Íbàdàn tí 150,000 náírà ń wọlé fún lóṣù. Bàbá ń lọ síbi iṣẹ́ láti Mọ́níyà sí Dùgbẹ̀ lọ́jọ́ 22 lóṣù. Nígbà tí ọkọ̀ jẹ́ 300 náírà ní àlọ, 300 ní àbọ̀, 13,200 ni owó ọkọ̀ rẹ̀. Nígbà tó di 500, ó di 22,000. 8,800 ti lé e, bẹ́ẹ̀ bàbá kò lọ síbi tuntun kankan. Oúnjẹ tí wọ́n ń ná 55,000 lé wá di 68,000 fún kóńgò kan náà. Àlàfo náà jẹ́ 21,800.

Níbo ni wọ́n á ti rí i? Ìyá ilé ń lọ sí ọjà Bódìjà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Tó bá di ẹ̀ẹ̀mejì lóṣù, tí òun àti aládùúgbò méjì sì para pọ̀ ra àpò ìrẹsì, tí wọ́n fi kóńgò kan náà pín in, 4,800 lè kúrò níbẹ̀. Aṣọ ẹbí tí kò pọn dandan mú 5,000 wá, dátà àti tẹlifíṣọ̀n mú 6,000. 6,000 tó kù á wá láti inú àjọ: wọn á dín ọwọ́ tí wọ́n ń dá kù láti 15,000 sí 9,000, ṣùgbọ́n nígbà tí àjọ tuntun bá bẹ̀rẹ̀ ni. Ẹni tó já àjọ sílẹ̀ láàárín meji ti fi tẹni tí kò tíì kó sínú ewu. Bí àjọ kò bá tíì parí, aṣọ àti dátà ni kí wọ́n tún gé sí i.

Ẹ má ṣe yá owó ra ẹ̀wà ọ̀pọ̀ o. Kòkòrò á jẹ ẹ́, gbèsè á sì dúró. Owó ilé ìwé oṣù Kẹsàn-án náà, ẹ má fọwọ́ kàn án. Èmi ò sì fara mọ́ kí wọ́n tìtorí ọ̀wọ́n yọ ẹ̀wà àti ẹja kúrò nínú oúnjẹ ọmọdé. Ìrẹsì ni kí wọ́n dín kù, nígbà tí àgbàdo tútù bá ti gba ìgboro, tí iṣu tuntun sì tẹ̀ lé e.

Ẹ má sì fi ìṣirò orílẹ̀-èdè ṣe òdiwọ̀n ilé yín. Ilé iṣẹ́ ìṣirò ìjọba àpapọ̀ sọ pé ní oṣù Kejìlá 2023, ọ̀wọ́n ọjà lápapọ̀ jẹ́ ìdá 28.92 nínú ọgọ́rùn-ún, ti oúnjẹ sì jẹ́ 33.93. Ilé tí oúnjẹ ń gba èyí tó pọ̀ jù nínú owó rẹ̀ ń jìyà ju àròpọ̀ yẹn lọ.

Ètò tuntun yìí, ẹ má ṣe é ju oṣù mẹ́ta lọ. Oṣù Keje àti Kẹjọ ni ẹ̀wà àtijọ́ máa ń wọ́n jù. Lẹ́yìn tí ìkórè Òkè Ọya bá ti wọlé, ní nǹkan bí oṣù Kọkànlá, ó sábà máa ń rọ̀ díẹ̀. Nítorí náà, bí oṣù Kẹwàá bá dé, ẹ tún kóńgò kà, ẹ tún owó ọkọ̀ ṣírò, kí ẹ tó fọwọ́ sí ìnáwó Kérésìmesì kankan.