Ìtàn Odidi Ìwé ní Ìṣẹ́jú Méjì

Ẹni tó bá ka Stay With Me tán, ọ̀rọ̀ ìwé náà á máa yún un lẹ́nu. Ayọ̀bámi Adébáyọ̀ ló kọ ọ́, ọdún 2017 ló sì jáde. Ìtàn tọkọtaya kan ní Iléṣà ni. Ọ̀rẹ́ ẹni tí iṣẹ́ kò jẹ́ kó ráyè, tó jókòó sínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ pẹ̀lú fóònù létí, á ní, “Sọ ọ́ fún mi ní ṣókí, jọ̀ọ́, mi ò tíì lè kà á báyìí.” Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ òǹkàwé ti máa ń ba ìwé náà jẹ́ mọ́ ọ̀rẹ́ wọn lọ́wọ́, nítorí ohun tó ń yún wọn lẹ́nu jù gan-an ni ohun tí kò yẹ kí wọ́n sọ.

Ẹni tí kò kánjú, tó ń mí síbi tó yẹ kó ti mí, yóò sọ nǹkan bí ọ̀rọ̀ 250 sí 300 láàárín ìṣẹ́jú méjì. Kò sí bí ìwé tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ojú ewé 300 ṣe máa wọ inú ìyẹn. Ohun tí ọ̀rẹ́ náà nílò kò sì pọ̀: ta ni ìtàn dá lé, níbo ló ń gbé, kí ló ń fẹ́, kí ló sì dínà mọ́ ọn? Bí ìdínà náà bá ti yọjú, ó ku díẹ̀ kí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ dákẹ́. Nínú ìwé yìí, ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀ ló ti yọjú. Báyìí ni èèyàn ṣe lè sọ ọ́:

“Ìtàn Yéjídé àti Akin ni. Yunifásítì ni wọ́n ti pàdé, ìfẹ́ ló sì so wọ́n pọ̀. Iléṣà ni wọ́n ń gbé, láyé ìjọba ológun, ní nǹkan bí ọdún 1985. Akin ń ṣiṣẹ́ ní báńkì, Yéjídé ní ṣọ́ọ̀bù tó ti ń ṣe irun. Ìgbà tí wọ́n bí Yéjídé ni ìyá rẹ̀ kú, ọwọ́ àwọn ìyàwó bàbá rẹ̀ ló dàgbà sí, nítorí náà kò sí ohun tó wu Yéjídé tó ọmọ tirẹ̀. Àwọn méjèèjì ti jọ sọ ọ́ pé àwọn ò ní bá orogún gbélé. Ọdún mẹ́rin kọjá, kò sí oyún. Wọ́n lọ sí ilé ìwòsàn, Yéjídé mu àgbo, pàbó ló ń já sí. Lọ́jọ́ kan, àwọn àgbà ẹbí wọlé, wọ́n mú ọmọbìnrin kan dání. Fúnmi lorúkọ rẹ̀. Wọ́n ní ìyàwó tuntun Akin nìyí. Akin ti mọ̀. Yéjídé ni kò mọ̀. Yéjídé wá rí i pé àfi kí òun lóyún kí Fúnmi tó lóyún. Ó fa ewúrẹ́ funfun kan tí kò ní àbàwọ́n lára, ó gun òkè lọ bá wòlíì. Yéjídé ń sọ tirẹ̀, Akin náà ń sọ tirẹ̀. Àmọ́ Jọ́ọ̀sì ni ìwé náà ti bẹ̀rẹ̀, ní ọdún 2008. Yéjídé nìkan ló wà níbẹ̀, ó ń palẹ̀ ẹrù mọ́ láti lọ síbi ìsìnkú bàbá Akin. Báwo ló ṣe dé Jọ́ọ̀sì? Ìyẹn ló wà nínú ìwé.”

Ó tán. Bí èèyàn bá sọ èyí pẹ̀sẹ̀, kò ní pé ìṣẹ́jú méjì, àyè á ṣì kù fún ọ̀rẹ́ láti ké “Háà!” nígbà tí Fúnmi bá wọlé.

Ẹnì kan lè ní ọ̀rọ̀ Jọ́ọ̀sì ti tú nǹkan síta, torí ó jẹ́ ká mọ̀ pé Yéjídé kò sí lọ́dọ̀ ọkọ mọ́. Kò rí bẹ́ẹ̀. Òǹkọ̀wé fúnra rẹ̀ ló fi í síwájú ìwé, kí òǹkàwé lè máa bi ara rẹ̀ léèrè láti ojú ewé àkọ́kọ́. Ohun tí òǹkọ̀wé bá ti fi lé òǹkàwé lọ́wọ́ lẹ́nu ọ̀nà, ẹni tó ń sọ ìtàn lè fi lé ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́. Ti ewúrẹ́ yàtọ̀. Ó dára kí ọ̀rẹ́ rí ewúrẹ́ àti òkè, torí àwòrán kan ṣoṣo bẹ́ẹ̀ máa ń dúró síni lọ́kàn ju àlàyé gígùn lọ. Àmọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ lórí òkè, ti ìwé ni.

Orúkọ mẹ́ta péré ló wà nínú ọ̀rọ̀ yẹn. Ìyá Akin wà nínú ìwé, àbúrò rẹ̀ wà, àwọn ìyàwó bàbá Yéjídé náà sì wà, ṣùgbọ́n ẹni tó ń fetí gbọ́ nínú ọkọ̀ kò lè ṣí ojú ewé padà láti wo ta ni ta ni. Ìdí nìyẹn tí orúkọ Yéjídé fi ń padà wá léraléra. Bí ó bá jẹ́ “ó lọ, ó dé, ó sọ fún un” ni, kò ní pẹ́ tí olùgbọ́ kò fi ní mọ̀ bóyá ọkọ ni, ìyàwó ni, tàbí orogún. Bí ọ̀rẹ́ bá bèèrè pé “Ta lo ní ó ṣe bẹ́ẹ̀?”, àṣìṣe náà ti wọlé nìyẹn.

Èyí tó le jù ni ohun tí èèyàn ń tú síta láìmọ̀. Ẹni tó ní “Ìparí rẹ̀ á yà ọ́ lẹ́nu” gbà pé òun ò sọ nǹkan kan, ṣùgbọ́n láti ìgbà yẹn lọ ni ọ̀rẹ́ rẹ̀ á ti máa wá ohun ìyanu náà káàkiri dípò kó bá àwọn èèyàn inú ìtàn rìn. Ẹni tó ní “Ṣọ́ lágbájá o” tún burú ju ìyẹn lọ. Ìbéèrè kan sì wà tí ọ̀rẹ́ kò ní ṣàì bi í: “Ó wá bímọ ni àbí kò bí?” Bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ kọ́, ìdáhùn ni. Ẹ̀rín ìdákẹ́jẹ́ náà, ìdáhùn ni. Kí èèyàn ti ní èsì kan ní ẹnu kó tó bẹ̀rẹ̀: “Ohunkóhun tó o bá bi mí lẹ́yìn ewúrẹ́, mi ò ní dáhùn.”

Kì í ṣe gbogbo ìwé ló gba irú ìṣọ́ra yìí. Nínú Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ tí Fágúnwà kọ ní ọdún 1938, Àkàrà-ògùn fúnra rẹ̀ ló ń ròyìn ohun tí ojú rẹ̀ rí, nítorí náà kò sí àṣírí kankan nínú pé ó padà wálé láàyè. Èèyàn lè mú iwin kan tàbí méjì nínú igbó náà kó fi dá ọ̀rẹ́ rẹ̀ lára yá. Ìwé ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ bíi ti Ọládẹ̀jọ Òkédìjí ló tún le jù: ibi tí ọ̀ràn bá ti ṣẹlẹ̀ ni kí ẹnu ti dúró, kó má tilẹ̀ dárúkọ ẹnikẹ́ni tí a lè fura sí.

Kí ẹ tó fi ohùn ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́ yín, ẹ kọ́kọ́ sọ ọ́ sínú fóònù, kí ẹ sì wo aago. Bí ó bá kọjá ìṣẹ́jú méjì, ẹ yọ orúkọ kan kúrò, ẹ yọ ìṣẹ̀lẹ̀ tó kẹ́yìn kúrò, ṣùgbọ́n ẹ má fọwọ́ kan ohun tí Yéjídé ń fẹ́ àti ọjọ́ tí Fúnmi wọlé.