Bí A Ṣe Lè Fi Onígbọ̀wọ́ Wẹ́bínà Hàn Láì Sọ Ọ́ Di Ìpolówó Ọjà

Ìṣẹ́jú márùn-ún àkọ́kọ́ ni ọ̀pọ̀ wẹ́bínà ti ń pàdánù àwọn tó wá gbọ́ ọ. Atọ́kùn á kí gbogbo ayé káàbọ̀, á dárúkọ ilé-iṣẹ́ kan, á yìn ín, á tún dárúkọ òmíràn, á yin ìyẹn náà. Ẹni tó fi owó ara rẹ̀ ra dátà láti gbọ́ nípa ẹ̀jẹ̀ ríru kò tíì gbọ́ gbólóhùn kan ṣoṣo lórí ẹ̀jẹ̀ ríru, bẹ́ẹ̀ dátà rẹ̀ ń lọ. Nígbà tó bá yá, á bá tirẹ̀ lọ.

Ohun tó ń bí mi nínú ni pé onígbọ̀wọ́ gan-an kò jèrè kankan níbẹ̀. Owó rẹ̀ ló gbé ètò ró, ó sì tọ́ ká dárúkọ rẹ̀ ní gbangba, nítorí olùgbọ́ ní ẹ̀tọ́ láti mọ ẹni tó sanwó ohun tó ń gbọ́. Yorùbá ní ìpolówó ọjà ni àgúnmu òwò, n kò sì bá ẹnikẹ́ni tó ń polówó jà. Ṣùgbọ́n ẹni tó wá kẹ́kọ̀ọ́ kò wá ra ọjà. Ọ̀nà tó dára jù láti fi onígbọ̀wọ́ hàn irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni ká sọ ohun tí onígbọ̀wọ́ ṣe fún un, ká má sọ ohun tí onígbọ̀wọ́ ń tà.

Ohun mẹ́rin tó ń sọ ìdúpẹ́ di ìpolówó

Àwọn ará Amẹ́ríkà ti ronú sí ọ̀rọ̀ yìí tipẹ́, nítorí òfin wọn kò gba àwọn ilé-iṣẹ́ rédíò àti tẹlifíṣàn tí kì í ṣe ti ìṣòwò láyè láti gba owó ìpolówó. Wọ́n lè gba àtìlẹ́yìn, wọ́n sì gbọ́dọ̀ dárúkọ ẹni tó ṣe é. Ní ọdún 1984, àjọ tó ń ṣàkóso ìgbóhùnsáfẹ́fẹ́ níbẹ̀ là á mọ́lẹ̀ ibi tí ìdúpẹ́ parí sí. Wọ́n lè sọ orúkọ onígbọ̀wọ́, ibi tó wà, àti irú iṣẹ́ tó ń ṣe, láì fi adùn kún un. Àmọ́ wọn kò gbọ́dọ̀ dá iye owó ọjà, wọn kò gbọ́dọ̀ sọ pé ọjà náà dára ju ti ẹlòmíràn lọ, wọn kò gbọ́dọ̀ pàṣẹ pé kí èèyàn lọ rà á, wọn kò sì gbọ́dọ̀ fi ẹ̀bùn tàbí ẹ̀dínwó fa ojú rẹ̀ mọ́ra.

Òfin yẹn kò de àwa tí a ń ṣe wẹ́bínà ní Ìbàdàn tàbí Òṣogbo. Síbẹ̀, kò sí òṣùwọ̀n tó rọrùn jù ú lọ. Gba ìwé tí atọ́kùn fẹ́ kà, kí o wá ohun mẹ́rin yẹn nínú rẹ̀: iye owó, ìfiwéra, àṣẹ, àti ìfanimọ́ra. Ibi tí o bá ti rí ọ̀kan, ìpolówó ti wọlé níbẹ̀. Yọ ọ́.

Ẹnikẹ́ni tó bá rò pé onígbọ̀wọ́ kò ní gbà bẹ́ẹ̀ lè wo ohun tí Texaco, ilé-iṣẹ́ epo, ṣe. Láti oṣù Kejìlá ọdún 1940 títí di ọdún 2004, òun ló ń gbọ̀wọ́ eré orin Metropolitan Opera tí wọ́n ń gbé sórí rédíò láti ìlú New York ní ọjọ́ Sátidé. Kò fi ìpolówó da orin dúró. Ó ju ọgọ́ta ọdún lọ tí àwọn olùgbọ́ fi mọ orúkọ yẹn mọ́ orin tí wọ́n fẹ́ràn.

Ká gbé e sórí àpẹẹrẹ

Ká ní ẹgbẹ́ kan ní Òṣogbo fẹ́ ṣe wẹ́bínà lórí ẹ̀jẹ̀ ríru, ní èdè Yorùbá, ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé mẹ́rin. Ọ̀sẹ̀ kìíní wà fún bí a ṣe ń wọn ìfúnpá nílé, ìkejì fún iyọ̀ inú oúnjẹ, ìkẹta fún oògùn tí kò yẹ ká dá dúró nítorí pé ara ti le, ìkẹrin fún ewu rọpárọsẹ̀. Onígbọ̀wọ́ mẹ́rin ló wà: báǹkì kan, ilé-iṣẹ́ fóònù kan, ilé ìtajà oògùn kan, àti oníṣòwò tó ń ta ẹ̀rọ ìwọ̀n ìfúnpá.

Iṣẹ́ àkọ́kọ́ kì í ṣe ìwé kíkọ. Ìbéèrè ni: kí ni ẹnì kọ̀ọ̀kan ṣe gan-an? Gbólóhùn bíi “wọ́n tì wá lẹ́yìn” kò ní nǹkan kan nínú. Nígbà tí ẹgbẹ́ náà bá béèrè, á hàn pé báǹkì ló san owó àwọn tó ń ká ohùn àti àwòrán sílẹ̀, kí ẹni tí kò ráyè lè padà wò ó. Ilé-iṣẹ́ fóònù ló fi dátà ọ̀fẹ́ ránṣẹ́ sí àwọn tó forúkọ sílẹ̀. Ilé ìtajà oògùn gbà láti máa wọn ìfúnpá ẹnikẹ́ni lọ́fẹ̀ẹ́ fún odidi oṣù tí ètò náà máa gbà. Oníṣòwò ẹ̀rọ yá wọn ní ẹ̀rọ tí nọ́ọ̀sì máa fi kọ́ni. Ohun mẹ́rin tó ṣeé fojú rí nìyẹn, olùgbọ́ sì lè jàǹfààní wọn.

Iṣẹ́ kejì ni ká mọ ibi tí orúkọ kọ̀ọ̀kan máa wà. Kò sídìí tí a fi ní láti ka mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lẹ́ẹ̀kan náà ní ìbẹ̀rẹ̀. Orúkọ á yẹ ibi tí olùgbọ́ ti ń rí ẹ̀bùn náà lò. A ó dárúkọ ilé-iṣẹ́ fóònù nínú iṣẹ́ tí a fi ránṣẹ́ pẹ̀lú dátà, a ó dárúkọ báǹkì nígbà tí a bá ń sọ ibi tí wọ́n ti lè padà wo ètò náà.

Ilé ìtajà oògùn gba ìṣọ́ra. Ó lè dà bíi pé ọ̀sẹ̀ kẹta, tí a ó sọ̀rọ̀ oògùn, ló yẹ ẹ́ jù. Rárá. Ìgbà náà gan-an ni olùgbọ́ máa rò pé tìtorí ọjà ni dókítà fi ń sọ̀rọ̀. Ọ̀sẹ̀ kìíní ni kó wà, nítorí ìwọ̀n ọ̀fẹ́ ló fi ta wá lọ́rẹ. Ká gbé onígbọ̀wọ́ sún mọ́ ẹ̀bùn rẹ̀, ká sì gbé e jìnnà sí ọjà rẹ̀.

Ní ti oníṣòwò ẹ̀rọ, ẹ̀bùn rẹ̀ àti ọjà rẹ̀ kò ṣeé yà sọ́tọ̀. Ohun tó kù ni òótọ́ inú: kí nọ́ọ̀sì fi bébà bo orúkọ tó wà lára ẹ̀rọ náà, kí ó sì sọ fáwọn èèyàn pé ẹ̀rọ èyíkéyìí tí wọ́n ń dì mọ́ òkè apá, tí wọ́n ti yẹ̀ wò pé ó péye, tí àpò rẹ̀ sì bá apá ẹni mu, lè ṣe iṣẹ́ náà.

Ọ̀rọ̀ tí atọ́kùn máa sọ

Èyí ni irú ohun tí wọ́n sábà máa ń kọ:

“Ètò yìí dé ọ̀dọ̀ yín láti ọwọ́ ilé-iṣẹ́ ẹ̀rọ ìlera tó gbawájú jù lọ. Ẹ̀rọ wọn kò lẹ́gbẹ́. Ẹ tètè ra tiyín, ẹ̀dínwó wà fún àádọ́ta èèyàn àkọ́kọ́.”

Ìfiwéra wà níbẹ̀, àṣẹ wà níbẹ̀, ìfanimọ́ra náà wà níbẹ̀. Kò sì sí ohun tí olùgbọ́ kọ́. Tí a bá tún un kọ, ó lè lọ báyìí:

“Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin bàbá wa. Tí ẹ bá ní ẹ̀rọ ìwọ̀n ìfúnpá nílé, ẹ gbé e sún mọ́ra. Ẹ jókòó, ẹ fẹ̀yìn ti àga, ẹ gbé ẹsẹ̀ méjèèjì lélẹ̀. Ìṣẹ́jú márùn-ún ni ara gbọ́dọ̀ fi sinmi ká tó wọ̀n ọ́n, torí náà, bí ẹ ṣe ń gbọ́ mi yìí, ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Sátidé mẹ́rin ni a ó fi jọ wà: lónìí, ìwọ̀n, lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, iyọ̀, lẹ́yìn rẹ̀, oògùn, ní ìkẹyìn, rọpárọsẹ̀. Ẹ̀rọ tí nọ́ọ̀sì wa máa lò, oníṣòwò kan tó ń tà á ló yá wa. Kò sí lára àwọn tó yan ohun tí a ó sọ, nọ́ọ̀sì kò sì gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tí kò bá ní ẹ̀rọ, tí ètò bá ń parí lọ, a ó sọ ibi tí wọ́n ti máa wọn tiyín lọ́fẹ̀ẹ́.”

Nínú ètò gidi, orúkọ oníṣòwò náà ló máa wà níbi tí mo kọ “oníṣòwò kan” sí. Wo bí ọ̀rọ̀ ṣe tò: iṣẹ́ olùgbọ́ ló ṣáájú, ìlànà ètò tẹ̀ lé e, onígbọ̀wọ́ wọlé níbi tí ẹ̀rọ rẹ̀ ti wúlò, gbólóhùn méjì péré ló sì gbà. Gbólóhùn tó sọ pé kì í ṣe òun ló yan ọ̀rọ̀ ló ṣe pàtàkì jù, bó bá jẹ́ òótọ́. Bí nọ́ọ̀sì bá gba owó lọ́wọ́ rẹ̀, a gbọ́dọ̀ sọ ìyẹn náà.

Ẹni tí a kò lè fi hàn

Ká ní ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe màgí wá, tó fẹ́ gbọ̀wọ́ ọ̀sẹ̀ iyọ̀. Iyọ̀ pọ̀ nínú ọjà rẹ̀, kò sì sí bí a ṣe lè to ọ̀rọ̀ tí olùgbọ́ kò ní fura. Ká kọ owó náà ni. Àjọ Ìlera Àgbáyé ti dé irú oríta yìí rí lórí mílíìkì ọmọ ọwọ́: ìlànà rẹ̀ lórí títa mílíìkì náà jáde ní ọdún 1981, ìmọ̀ràn tó sì jáde ní ọdún 2016 sọ pé kò yẹ kí àwọn tó ń ṣe é máa gbọ̀wọ́ ìpàdé àwọn òṣìṣẹ́ ìlera. Òfin wa nílé náà ní ààlà tirẹ̀. NAFDAC kò gbà kí wọ́n polówó oògùn tí dókítà gbọ́dọ̀ kọ fúnni fún ará ìlú, bẹ́ẹ̀ irú oògùn yẹn ni ọ̀pọ̀ oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru.

Àwọn nǹkan wọ̀nyí kò ṣeé bẹ̀rẹ̀ sí í jiyàn lé lórí nígbà tí ètò bá ku wákàtí kan. Kí ẹ kọ ọ́ sínú ìwé àdéhùn kí ẹ tó gba owó: iye gbólóhùn tí orúkọ máa gbà, ọ̀sẹ̀ tó máa wà, ohun mẹ́rin tí ẹ kò ní sọ, àti pé onígbọ̀wọ́ kò ní yan olùkọ́ tàbí ọ̀rọ̀. Bí ẹ bá gbé ètò náà sórí YouTube lẹ́yìn náà, ẹ kéde níbẹ̀ pé owó onígbọ̀wọ́ wà nínú rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ náà ní àyè tí wọ́n ṣe fún un.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kìíní, ẹ ṣí ìròyìn tí Zoom kó jọ. Ó ń fi aago tí ẹnì kọ̀ọ̀kan wọlé àti aago tó jáde hàn. Ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ fídíò. Tí ọ̀pọ̀ èèyàn bá jáde ní ìṣẹ́jú tí atọ́kùn ń dárúkọ àwọn onígbọ̀wọ́, ọ̀rọ̀ náà ti gùn jù, kí ẹ gé e kù kí ọ̀sẹ̀ kejì tó dé. Kí ẹ sì fi ìròyìn yẹn han onígbọ̀wọ́ fúnra rẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣètò wẹ́bínà, mo bẹ̀ yín, ẹ má fi àkókò olùgbọ́ san gbèsè onígbọ̀wọ́. Ẹ sọ ohun tó ṣe, ẹ sọ ohun tí kò lágbára lé lórí, kí ẹ sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.